Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ẹgbẹ́ ìbí, àbí ìran?

Láti Àjàṣẹ́:
Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n gbé ìwé ìpolówó kan fún mi láti Faransé kí n yí i sí Yorùbá. Níbì kan wọ́n kọ "àwọn ọmọ ọdún 18 sí 24", níbòmíì wọ́n kọ "sẹnẹrasíọ̀ Z". Ṣé ọ̀kan náà ni? Kí ló tiẹ̀ dé táwọn apolówó fi ń fi ọjọ́ orí pín wa?

Láti Kétu:
Àbúrò, ọ̀kan náà ni jàre. Kọ "ìran", àbí kó o kọ "àjọbí", torí ìgbà kan náà ni wọ́n bí wọn.

Láti Àjàṣẹ́, ẹni tó ti ń ra àkókò ìpolówó ní ràdíò àti tẹlẹ́ tipẹ́:
Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n Kétu, àjọbí ti ní iṣẹ́ tiẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ kó rò pé ọdún ìbí là ń wí. Àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ọ̀kan. Ẹgbẹ́ ọmọ ọdún 18 sí 24, èèyàn ń wọlé sínú ẹ̀ èèyàn ń jáde, tó o bá pé 25 o ti kúrò níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí láti 1997 síwájú, tí wọ́n ń pè ní Z yẹn, ibi yòówù tí ọjọ́ orí gbé wọn dé, inú ẹ̀ ni wọ́n á kú sí. Mo máa ń pe àkọ́kọ́ ní ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, mo ń pe ìkejì ní ẹgbẹ́ ìbí.

Ìdí tí wọ́n fi ń pín wa, apolówó ò lè rí inú ẹni tó ń wo tẹlẹ́, kò mọ̀ bóyá á rà àbí kò ní rà. Ọjọ́ orí rọrùn láti bèèrè, ó sì máa ń bá ọ̀rọ̀ ilé rìn: ìgbà téèyàn kọ́kọ́ gba owó oṣù, ìgbà tó gbéyàwó, ìgbà tó ń ra oúnjẹ ọmọ. Ní Faransé, ó pẹ́ tí àwọn tẹlẹ́ ti ń fi obìnrin tó ń ra nǹkan ilé tí ò tíì pé 50 díye lé àkókò ìpolówó, Médiamétrie ló ń bá wọn ka iye tó ń wò. Wọn ò sọ pé ìyá 55 kì í rajà o, ohun tí wọ́n lè kà tí wọ́n sì lè tà ni wọ́n mú.

Láti Ṣábẹ:
Èmi ò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ tó ń pè é, àmọ́ mo ń ta ìkòkò onígáàsì. Mo sanwó kí wọ́n máa gbé e hàn sáwọn ọmọ ọdún 18 sí 24 lórí fóònù. Àwọn tó wá rà, ìyá wọn ló pọ̀ jù! Ọmọ ló rí i, ó fi han màmá ẹ̀, màmá ló sanwó. Ẹgbẹ́ wo wá nìyẹn?

Láti Àjàṣẹ́, ará ràdíò:
Ìyá wa, ibẹ̀ gan-an ni ìpín ọjọ́ orí ti kọ́kọ́ ń já: ẹni tó rí i kọ́ ló rà á. Ìkejì sì wà lára ẹ̀. Ọmọ tó fi ọdún kún orí ẹ̀ kí wọ́n lè ṣí àkáǹtì fún un, títí dòní ló máa dàgbà ju ara ẹ̀ lọ níbẹ̀. Àwọn òbí wa náà ńkọ́, tí wọ́n kọ "ní bíi 1958" sínú ìwé wọn?

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí "ìran". Ká ní lọ́dún 2015 a bèèrè, nínú ẹni mẹ́wàá tó wà láàrin 45 sí 54, mẹ́jọ ń gbọ́ ràdíò láàárọ̀, nínú ẹni mẹ́wàá tó wà láàrin 25 sí 34, mẹ́rin péré. Apolówó á ní "ìran tuntun ò gbọ́ ràdíò". Kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀! Ó lè jẹ́ pé téèyàn bá ti dàgbà ló ń jókòó ti ràdíò. Ní 2025 kó padà lọ bi àwọn ọmọ 25 sí 34 yẹn, wọ́n ti di 35 sí 44. Tí wọ́n bá ṣì jẹ́ mẹ́rin, ó jọ pé ìbí ni, tí wọ́n bá ti di mẹ́fà, ó jọ pé ọjọ́ orí ni.

Láti Kétu:
Ó ti yanjú nìyẹn, kí wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Láti Àjàṣẹ́, ará ràdíò:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Láàrin ọdún mẹ́wàá yẹn fóònù ti wọlé tọ gbogbo wa, àtàgbà àtọmọdé. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ orí ń fà wọ́n lọ sídìí ràdíò, fóònù ń fà wọ́n kúrò, kí iye wá dúró sí mẹ́rin bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Yọ ọjọ́ orí kúrò nínú ọdún tá a wà, ọdún ìbí ló kù, torí náà ìṣirò nìkan ò lè ya ọjọ́ orí, ọdún ìbí àti ìgbà tá a wà sọ́tọ̀, àfi kéèyàn ní ìdí míì látìta. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwádìí Pew ní Amẹ́ríkà fi kéde ní 2023 pé àwọn ò ní máa lo orúkọ ìran bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi níbi tí wọ́n bá ti ní àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n lè fi wé ẹni tó wà lọ́jọ́ orí kan náà.

Ti Amẹ́ríkà sì ni àwọn ààlà yẹn. Àwọn tí wọ́n bí láti 1946 sí 1964 tí wọ́n máa ń kà sí ìran kan, ìbí ọmọ tó ga níbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n wò, wọn ò wo Dahome. Níbí, ẹni tó wà ní iléèwé nígbà Rẹfolúsíọ̀ Kérékou àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé lẹ́yìn ìpàdé gbogboogbò 1990, ìyàtọ̀ wà láàrin wọn lóòótọ́.

Láti Ṣábẹ:
Èmi ò lọ iléèwé nígbà yẹn, oko ni mo wà. Ṣé mo wà nínú ẹgbẹ́ ìbí yẹn?

Láti Kétu:
Ẹ ò rí i! Ìran ni mo ṣì máa kọ, torí òun làwọn èèyàn ń sọ lẹ́nu, kí àbúrò sì kọ ọdún ìbí síwájú ẹ̀.

Láti Àjàṣẹ́, tó bèèrè:
Mo máa kọ "àwọn tí wọ́n bí láti 1997 síwájú" báyìí ná. Ọ̀rọ̀ ìyá Ṣábẹ, mi ò tíì mọ ibi tí mo máa fi sí.