Báwo ni mo ṣe lè túmọ̀ “Ara tù, orí mọ́” sí Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè n'Íbàdàn, “Ara tù, orí mọ́” ló sì wà lára páálí rẹ̀. Oníbàárà kan fẹ́ máa tà á ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi túmọ̀ rẹ̀ tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fi han èèyàn mẹ́rin tí kò gbọ́ Yorùbá, mo ní kí wọ́n sọ ohun tó yé wọn. Mẹ́ta ní ọṣẹ irun ni! Orí inú ni mò ń wí o. Ìtumọ̀ kejì ní ọṣẹ náà ń sọni di ọ̀tun. Ó dùn létí, àmọ́ ọṣẹ wo ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀?

Àwọn ẹlẹ́sìn Kandomblé ní Bràsíl ṣì ń pe orí ní orí. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún Lọ́ńdọ̀nù náà, kí n fi ìlà kékeré kan ṣàlàyé lábẹ́ rẹ̀, àbí kí n wá àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó sún mọ́ ọn? Bí mo bá sì ṣàlàyé jù, ṣé wọn ò ní rò pé oògùn ni mò ń tà?