Diráyà ń gbóná, aṣọ ò gbẹ, kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Diráyà tó ń fi páìpù tú ooru síta la ní nílé wa ní Súrùlérè, kílò 7 ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Tí mo bá kó táwẹ̀lì sí i, á gbóná gan-an, táwẹ̀lì á ṣì tutù, ẹ̀rọ á wá dá dúró fúnra ẹ̀, tó bá tutù tán á tún ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà ni mo ń yọ òwú inú fítà, mo tiẹ̀ ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí mo bá da omi sí i báyìí ó ń kọjá dáadáa. Mo dín aṣọ kù sí ìdajì, mo gbé ooru sí kékeré, pàbó.

Oníṣẹ́ tó wá wò ó ní kóun yọ nǹkan tó ń pa á tó bá gbóná jù, kóun so wáyà pọ̀ tààrà, mo ní rárá, ṣé kó jó ilé mọ́ wa lórí ni? Páìpù ẹ̀yìn ẹ̀ gùn, ó sì ká kọ́rọkọ̀rọ dé ojú ihò ara ògiri. Ṣé òwú tó dí páìpù yẹn lè fa gbogbo èyí, àbí tẹmositáàtì ló bàjẹ́, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ kí n tó náwó?