Ìlà tó gé Odò Ọya sí méjì nínú àwòrán mi: ẹ sọ ìrírí yín pẹ̀lú píramíìdì Gáúsì àti Lápíláàsì

Ayàwòrán_Lọ́kọ́ja
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo gun Òkè Páàtì lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ya ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, fún kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ìlú wa. Ibẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí kámẹ́rà mi lè gbà lẹ́ẹ̀kan, mo wá yà á ní méjì, òsì àti ọ̀tún. Kí n tó ya èkejì, ìkùukùu ti bo oòrùn. Nígbà tí mo so wọ́n pọ̀, ìlà kan dúró gbọnrangandan láàárín omi bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ là á. Mo jẹ́ kí wọ́n wọnú ara wọn lórí píksẹ́lì 20, ìlà ṣì wà. Mo fẹ̀ ẹ́ dé 300, ìlà lọ, àmọ́ ọkọ̀ ojú omi kan di méjì, ọ̀kan bí òjìji èkejì, nítorí ó ti rìn díẹ̀ kí n tó ya èkejì. Píramíìdì Lápíláàsì ló yọ mí, àmọ́ ó kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ta ló ti bá irú rẹ̀ pàdé?

Ọmọ_Ìyàrà
Mo mọ ìlà yẹn. Mo ti sunkún nítorí ẹ̀ rí.

Bàbá_Ìsánlú
Píramíìdì tí èmi mọ̀ ni ti ẹ̀pà ní Kánò. Bàbá mi ru àpò níbẹ̀. Ó ní bó ṣe ń ga sí i ló ń kéré sí i. Ṣé òun lẹ ń sọ?

Aláṣọ_Bùnú
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá. Ó jọ ọ́ dáadáa. Àwòrán gangan ló wà nísàlẹ̀. Èyí tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀ ní ìbú, ìdajì rẹ̀ ní òró, àwòrán kan náà ni, àmọ́ nǹkan tó kéré ti pòórá nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ó máa tò ó lọ sókè.

Kíákíá_Kàbbà
Kí ló wá le níbẹ̀? Mú píksẹ́lì kan, fo ọ̀kan. Àwòrán ti kéré nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é.

Aláṣọ_Bùnú
@Kíákíá_Kàbbà jọ̀ọ́, má ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ya aṣọ pupa ìyá ìyá mi, èyí tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àgbà lọ́dọ̀ wa ní Bùnú. Ìlà inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Mo fo píksẹ́lì bí o ṣe wí, àwọn ìlà náà sì di ìgbì ńlá ńlá tí ahunṣọ kankan ò hun. Àǹtí mi wò ó títí, ó ní, "Ta ló hun èyí?" Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe é bàìbàì. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á bá méjì tó wà lápá òsì àti méjì tó wà lápá ọ̀tún pín, ní ìwọ̀n 1, 4, 6, 4, 1, ká pín àpapọ̀ rẹ̀ sí 16. A ó ṣe é ní ìbú, a ó tún ṣe é ní òró, lẹ́yìn náà la ó wá fo. Ìlà tí àwòrán kékeré ò lè gbà á wá di àwọ̀ pupa lásán, kò sọ ara rẹ̀ di iṣẹ́ ọnà mìíràn. Apá Gáúsì nìyẹn.

Kíákíá_Kàbbà
Mo gbà fún aṣọ. Òkè àti igi ò nílò rẹ̀.

Aláṣọ_Bùnú
Páànù orí ilé Kàbbà ńkọ́? Ya á láti orí òkè, kí o fò ó, kí o wá sọ ohun tí o rí fún wa.

Olùkọ́_Mọ̀pà
Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tó da ayàwòrán láàmú, mo fura sí nǹkan kan. Ẹ mú ìlà píksẹ́lì kan péré, ibi tí igi dúdú ti pàdé ojú ọ̀run:

```
20 20 20 20 100 100 100 100
```

Tí a bá fi ìwọ̀n tí Aláṣọ_Bùnú sọ ṣe é bàìbàì, tí a sì fo, ó di 20 25 75 100. Ká tún fẹ̀ ẹ́ padà sí mẹ́jọ: píksẹ́lì kẹrin á di 50, ìkarùn-ún á di bíi 72. Ohun tí Lápíláàsì ń tọ́jú ni ìyàtọ̀ láàárín ti tẹ́lẹ̀ àti èyí tí a fẹ̀ padà. Ìyàtọ̀ ìkarùn-ún jẹ́ bíi 28. Ti ìkẹrin jẹ́ -30. Bẹ́ẹ̀, fáìlì àwòrán lásán ò mọ nǹkan tó kéré ju òdo lọ. Tó bá sọ -30 di 0, nígbà tí o bá ń kó píramíìdì náà jọ padà, 50 ni wàá rí níbi tó yẹ kó jẹ́ 20.

Ayàwòrán_Lọ́kọ́ja
Ẹ ṣeun, olùkọ́! Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. `cv2.subtract` ni mo lò, òun ló sọ gbogbo ohun tó kéré ju òdo di 0. Etí gbogbo igi mi ní kùrukùru funfun ní apá tó dúdú. Mo rò pé dígí kámẹ́rà mi ló ti dọ̀tí, mo nù ún títí.

Kóòdù_Ẹ̀gbẹ̀
Èmi ò gbà o. Àmì ìyọkúrò NumPy lásán ni mo lò lórí `uint8`, irú nọ́ńbà tí kì í kọjá 0 sí 255, àwòrán mi sì padà bó ṣe wà láìyẹ̀.

Olùkọ́_Mọ̀pà
Òótọ́ lo sọ, torí pé o ò fọwọ́ kan nǹkan kan láàárín. NumPy ò sọ -30 di 0, ó yí i po di 226. Nígbà tí o fi 50 kún un, ó di 276, ó kọjá ààlà, ó yí padà di 20. Àmọ́ tí o bá fẹ́ mú ìdajì rẹ̀ láti fi pa àwòrán méjì pọ̀, ìdajì -30 jẹ́ -15, ìdajì 226 jẹ́ 113. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ sọ ọ́ di `float32`, tó gba nọ́ńbà tó kéré ju òdo, láti ìbẹ̀rẹ̀:

```python
a = cv2.imread('osi.jpg').astype('float32')
g = cv2.pyrDown(a)
L = a - cv2.pyrUp(g, dstsize=(a.shape[1], a.shape[0]))
```

Ẹ má yọ `dstsize` kúrò. Tí ìbú bá jẹ́ 1001, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ 501, tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ padà ó di 1002, ìyọkúrò ò ní ṣeé ṣe.

Kóòdù_Ẹ̀gbẹ̀
Ó yé mi. Àmọ́ mo sọ òótọ́ nípa tèmi.

Ìyá_Ìbejì
Bàbá àgbà mi àti ìyàwó rẹ̀ ò ya fọ́tò pọ̀ rí kí wọ́n tó lọ. Ṣé èyí lè fi wọ́n sí ojú kan láìsí ìlà láàárín wọn?

Aláṣọ_Bùnú
Ó lè ṣe é, mà. Burt àti Adelson tó gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1983 fi so ìdajì èso ápù mọ́ ìdajì ọsàn, ó dà bí èso kan ṣoṣo. Àmọ́ tí fọ́tò kan bá jẹ́ dúdú àti funfun, tí èkejì ní àwọ̀, àwọ̀ á ṣàn wọ ẹni kejì lójú. Ẹ sọ méjèèjì di dúdú àti funfun ná.

Ayàwòrán_Lọ́kọ́ja
Ìgbà tí mo yí i sí `float32` ni ó tó dára. Mo ṣe bójú funfun àti dúdú tó ń sọ ibi tí òsì parí, mo sì kọ́ píramíìdì Gáúsì fún òun náà. Ní ipele kọ̀ọ̀kan, bójú náà ló ń sọ ìwọ̀n tí màá mú nínú Lápíláàsì òsì àti ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà ni mo kó gbogbo rẹ̀ jọ padà. Ní ipele ìsàlẹ̀, bójú náà yí padà láàárín píksẹ́lì díẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ ò di méjì mọ́. Nígbà tí mo dín in kù lẹ́ẹ̀márùn-ún, píksẹ́lì kan ti tó 32 ti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ti ìkùukùu ti rọra wọnú ara wọn. Ìṣòro tó kù ni pé nígbà tí mo gbé e dé ipele méje, dúdú kan rọ́ wọ àárín omi.

Olùkọ́_Mọ̀pà
Ibi tí fọ́tò méjèèjì ti bá ara wọn pàdé, ó fẹ̀ tó mélòó?

Ayàwòrán_Lọ́kọ́ja
Bíi 300.

Olùkọ́_Mọ̀pà
Ó ti kéré jù fún ipele méje. Ipele òkè ń wá ìmọ́lẹ̀ kọjá ibi tí fọ́tò rẹ parí sí, dúdú lásán ló sì bá níbẹ̀. Dín ipele kù, tàbí kí o ṣe ẹ̀dà píksẹ́lì etí fọ́tò náà léraléra lọ síta kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Ayàwòrán_Lọ́kọ́ja
Mo dín in sí mẹ́rin, ìlà náà tún hàn fírífírí. Màá gbìyànjú ti etí.

Bàbá_Ìsánlú
Èmi ní ìbéèrè. Àwọ̀ Ọya àti ti Bẹ́núè kì í rí bákan náà níbi tí wọ́n ti pàdé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣé o ò ti po wọ́n pọ̀ báyìí?

Ayàwòrán_Lọ́kọ́ja
Rárá, bàbá. Ààlà omi náà wà nínú fọ́tò méjèèjì, ó sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Kíákíá_Kàbbà
Ààlà wà, àmọ́ àwọ̀ àárín kì í ṣe ti oòrùn, kì í ṣe ti ìkùukùu. Omi tí ẹnikẹ́ni ò rí rí ni.

Aláṣọ_Bùnú
Kàlẹ́ńdà ni, kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀.

Bàbá_Ìsánlú
Odò wa ni. Mo bá Kíákíá lọ.

Ayàwòrán_Lọ́kọ́ja
Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, bàbá. Lọ́jọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀, màá ti wà lórí Òkè Páàtì. Màá ya méjèèjì kí ìkùukùu tó dé, màá sì jẹ́ kí wọ́n bo ara wọn tó ìdajì.