Adógirimú, ìnàró, àti 16 íńṣì tó di 18

Atúmọ̀ Kékeré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mò ń kọ ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, lórí bí a ṣe ń fi igi àti pákó dá yàrá sí méjì. Àwọn igi tó ń dúró nínú ògiri náà, mo pè wọ́n ní "adógirimú". Mo wá kọ ọ́ pé: "Kí àlàfo 16 íńṣì wà láàárín adógirimú kan sí èkejì." Ṣé ó já geere?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Kò já geere rárá. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" ń tọ́ka sí ẹni tó ń ṣe nǹkan: apẹja, akọ̀wé, adájọ́. Ọmọ tó bá ka "adógirimú" yóò rò pé òṣìṣẹ́ kan ló fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú kó má baà wó. "Igi òòró" ni kí o kọ. Òòró àti ìbú, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹ yé fi ẹnu gbẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun nígbà tí ti àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu wa.

Ọmọ Káfíńtà:
Ẹ̀yin Olùkọ́, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó ta kò yín. Agbòjò ńkọ́? Asẹ́ tí ìyá fi ń sẹ́ ògì ńkọ́? Asọ̀rọ̀mágbèsì tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn láàárọ̀, ta ló jókòó sínú rẹ̀? Ọjọ́ ti pẹ́ tí "a-" ti ń sọ irinṣẹ́ lórúkọ.

"Ògiri" tó wà láàárín ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bí mi nínú. Igi wọ̀nyẹn kò di ògiri kankan mú. Kí a tó kan pákó mọ́ wọn, ògiri wo ló wà níbẹ̀? Àwọn gan-an ni ògiri, aṣọ ni pákó. Bàbá mi ṣe káfíńtà l'Abẹ́òkúta títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, "ìnàró" ló ń pè é. "Mú ìnàró mẹ́wàá wá." Igi tó sùn sílẹ̀ ni ìtẹ́lẹ̀, èyí tó sùn sókè ni ìborí, kúkúrú tó gba àárín ìnàró méjì kọjá ni gbogbo wa ń pè ní nọ́gìn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọ̀rọ̀ tí yóò ba iṣẹ́ jẹ́ nínú ìwé yìí ni "àlàfo".

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn 144 íńṣì. Pákó tó ní akọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì ní abo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì la fẹ́ kàn mọ́ ọn ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 8 ni gígùn rẹ̀. Ẹyọ kan kò lè dé òpin. Ìlà àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 8 àti 4, èyí tó tẹ̀lé e yóò jẹ́ 4 àti 8, kí ojú ìsopọ̀ má baà tò léra bí àtẹ̀gùn. Nítorí náà, ìsopọ̀ yóò wà ní 96 íńṣì tàbí ní 48, ibi méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìnàró.

Túbáítírí la fi ṣe ìnàró, ojú rẹ̀ tó kọ sí pákó jẹ́ 2 íńṣì. Bí ọmọṣẹ́ bá ka "àlàfo 16 íńṣì", tó sì ṣe bí ìwé ṣe wí, ìnàró àkọ́kọ́ yóò gba 0 dé 2, èkejì yóò bẹ̀rẹ̀ ní 18, ẹ̀kẹta ní 36, yóò máa fò bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 90 tó parí ní 92. Èyí tó kàn di 108. Pákó wá dé 96. Orí rẹ̀ ti fi íńṣì mẹ́rin kọjá igi, òfìfo ló gbé e dání. Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìṣó wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni fi ìka gún àmàlà, òòlù kò gbọ́ èsì kankan, nígbà tí mo sì fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìsopọ̀, ó rì wọlé, ó tún jáde. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó kàn na tépù fún mi.

Àárín igi dé àárín igi ni 16 yẹn. Láti ìkángun ògiri, wọn 15 íńṣì kí o fa ìlà. Etí ìnàró kejì tó súnmọ́ ọ nìyẹn. Láti orí ìlà yẹn ni wàá ti máa wọn 16, 16 lọ. Ọ̀kan nínú wọn yóò bọ́ sí 95, yóò parí ní 97, 96 yóò wà ní àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́, pákó méjì yóò sì pín igi náà ní íńṣì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn kò ní tẹ̀lé ìṣirò, ìkángun kejì ni yóò fẹ̀yìn tì. Mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Kí ẹ sì tó gbé ìborí lọ sókè, ẹ tẹ́ òun àti ìtẹ́lẹ̀ sílẹ̀ pọ̀, kí ẹ fa ìlà kan náà kọjá lórí àwọn méjèèjì, kí ẹ fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ tí igi yóò dúró sí. Ẹni tó bá gbàgbé àmì yẹn, igi rẹ̀ yóò bọ́ sí òdìkejì ìlà, gbogbo 16 rẹ̀ á sì di asán.

Ará Pẹ́kámù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò rò pé Atúmọ̀ ṣìnà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ńbí, 400 mìlímítà là ń lò. Mo bá wọn gé nọ́gìn lọ́dún tó kọjá, gbogbo wọn dọ́gba, wọ́n sì wọ àárín igi méjì láìṣẹ́kù. Bí kò bá sí àlàfo, kí ni nọ́gìn ń wọ̀?

Ọmọ Káfíńtà:
Àbúrò, ibẹ̀ yẹn gan-an ni àlàfo ti wúlò, o sì gbà á dáadáa. Ṣùgbọ́n wo tépù tó o fi gé e, mo mọ̀ pé kò pé 400. Nínú ògiri tí mo sọ, àlàfo jẹ́ 14 íńṣì, nítorí 16 ti yọ 2 fún ara igi. Nọ́gìn 14 la ó gé, àfi ti ìkángun méjèèjì tó jẹ́ 13. Ọ̀rọ̀ méjì fún nǹkan méjì: "àárín dé àárín" fún ìlà tí a fà, "àlàfo" fún nọ́gìn.

Àńtí Ṣakí:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ògiri pako ni ẹ ń jà lé lórí? Onílé mi fi pako dá pálọ̀ sí méjì ó sì gbà owó ilé lọ́wọ́ ẹni méjì. Gbogbo òru ni mò ń gbọ́ bí ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ kejì ṣe ń hanrun. Ẹ sọ fún mi ohun tí a ń fi sí àárín rẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yín. Pákò la ń rin láàárọ̀, pákó la ń kàn. Bí ẹ bá kọ "ògiri pako" báyìí, a ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ dá yàrá ni tàbí ẹ fẹ́ fọ eyín rẹ̀.

Ọmọ Káfíńtà, mo gba ti "a-" díẹ̀. Ṣùgbọ́n "ìnàró" tìrẹ, "ì-" ń sọ orúkọ ìṣe. Ìnàró ni bí nǹkan ṣe ń nàró, kì í ṣe nǹkan náà.

Ọmọ Káfíńtà:
Ìgbálẹ̀ ńkọ́, sà? Ìdérí ìkòkò ńkọ́? Ẹ gbé ìṣe gbígbá ilẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kí n rí i. "Igi òòró" tiyín sì wà nínú ewu. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á fi "o" kan sílẹ̀, wọ́n á gbàgbé àmì, "igi oró" ni ọmọṣẹ́ yóò kà, kò sì ní fọwọ́ kàn án.

Àǹtí, ẹ ní kí onílé kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó di òwú gíláàsì sínú àlàfo, kó sì dí gbogbo etí. Ohùn máa ń gba abẹ́ ìtẹ́lẹ̀ kọjá ju bí ẹ ti rò lọ. Ìhanrun kò ní tán o, ṣùgbọ́n yóò rọlẹ̀.

Atúmọ̀ Kékeré:
Mo ti pa "àlàfo" rẹ́ níbi tó yẹ. Lórí pákó, mo kọ pé "kí gbogbo ìlà dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dókè". Ìyẹn ńkọ́?

Ọmọ Káfíńtà:
"Dọ́gba" kò ṣeé ṣe, má ṣèlérí rẹ̀ fún wọn. Kí ògiri yẹn ga ní 92 íńṣì, kí pákó kọ̀ọ̀kan máa bo 5 íńṣì lẹ́yìn tó bá ti wọnú èkejì. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú odidi pákó, 18 yóò gba 90. Òkè á wá ku tẹ́ẹ́rẹ́ 2 íńṣì bí ìgbátí. Ojú kì í fojú fo irú rẹ̀.

Dín odidi pákó kan kù. 17 yóò gba 85, yóò ku 7. Dá 7 yẹn sí méjì: 3 àti ààbọ̀ nísàlẹ̀, 3 àti ààbọ̀ lókè. Ti ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ abo la ó là dànù, kí akọ kọjú sókè. Ìṣó yóò gba ẹ̀yìn akọ wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, abo tó ń bọ̀ yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Àjà kì í sábà tẹ́jú. Bí ó bá fi ìdajì íńṣì rẹlẹ̀ ní ìkángun kan, pákó òkè tó jẹ́ 3 àti ààbọ̀ yóò dín sí 3 kí ó tó dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rí i. Ká ní 2 íńṣì yẹn ni, yóò di 1 àti ààbọ̀, ọmọdé tó wọlé yóò tọ́ka sí i. "Kí ìsàlẹ̀ àti òkè bára mu" ni kí o kọ.

Ará Pẹ́kámù:
Mo wọn nọ́gìn kan tó ṣẹ́kù nínú àpò mi. 353 ni.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
"Bára mu" dáa. Ṣùgbọ́n "ìtẹ́lẹ̀" tí ẹ fi dákẹ́ yẹn, mi ò tíì fọwọ́ sí i. Ohun tí a tẹ́ ni ìtẹ́lẹ̀: ẹní, aṣọ. Igi túbáítírí tí a fi ìṣó kàn mọ́ ilẹ̀, ta ló tẹ́ ẹ?

Ọmọ Káfíńtà:
Bàbá mi ló tẹ́ ẹ, sà.