Iná pupa mi kò kú mọ́: mo fẹ́ sọ 2 Hz di 1 Hz, ó kọ̀

Ọmọ Oníbúrẹ́dì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ṣe aago kan fún ìyá mi. Búrẹ́dì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì fẹ́ ohun tí yóò máa ka ìṣẹ́jú àáyá kí wọ́n lè mọ bí búrẹ́dì ṣe pẹ́ tó nínú ààrò. Mo ra kírísítà aago ọwọ́, èyí tó ń gbọ̀n ní 32768 Hz, mo so ó mọ́ áísì CD4060. Iná pupa kékeré tí mo gbé sí ẹsẹ̀ 3 rẹ̀ ń ṣẹ́jú dáadáa, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣẹ́jú nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fẹ́.

Wọ́n ní kí n fi fílípì-fílọ́ọ̀pù kan sí i. Mo ra CD4013. Mo fa wáyà láti ẹsẹ̀ 3 ti 4060 lọ sí ẹsẹ̀ 3 ti 4013, mo so ẹsẹ̀ 2 mọ́ ẹsẹ̀ 5, mo sì gbé iná pupa náà wá síbẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti tàn, kò kú, kò ṣẹ́jú. Bátìrì 5 fóòtì ni mo fi ń gbé gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè mi jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, kí ló ń ṣe é? Èkejì, ó ń rú mi lójú: báwo ni wáyà tó jáde lára áísì, tó tún padà wọ ara rẹ̀, ṣe lè sọ méjì di ọ̀kan? Mo rò pé ńṣe ni yóò máa yí bírí-bírí láì dúró.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Rẹsítọ̀ méjì tó dọ́gba ni kó o wá. So wọ́n tẹ̀ léra, kó o mú iná láàárín wọn. 5 fóòtì á di 2.5. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣe ti rédíò mi.

Ọmọ Oníbúrẹ́dì

Ẹ ṣé gan-an mà. Kì í ṣe fóòtì ni mo fẹ́ pín o, iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú ni. Bí mo bá dín fóòtì kù, iná á kàn ṣú díẹ̀ ni, yóò ṣì máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.

Adé Onírédíò

Mo ti rí irú èyí. Wo ẹsẹ̀ 4 àti ẹsẹ̀ 6 ti 4013. Ẹsẹ̀ 4 ló ń dá a padà sí òdo, ẹsẹ̀ 6 ló ń gbé e sókè. Bí o bá fi wọ́n sílẹ̀ láì so wọ́n mọ́ ibì kankan, wọ́n á máa gbá agbára inú afẹ́fẹ́, àní bí o bá na ọwọ́ sún mọ́ ọn lásán, ó lè yí padà. So méjèèjì mọ́ ilẹ̀, ó parí.

Ní ti 4060 yẹn, fílípì-fílọ́ọ̀pù 14 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pín sí méjì, nítorí náà 28 ló ń pín gbogbo rẹ̀ sí.

Ọmọ Oníbúrẹ́dì

Ẹ̀gbọ́n Adé, mo ti so 4 àti 6 mọ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mítà yẹ̀ wọ́n wò, 0 fóòtì ni méjèèjì. Iná ṣì ń tàn.

Bàbá Tíṣà

Adé, ìdí tí o fura sí ẹsẹ̀ 4 dára, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n 28 yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì kì í pín 32768, ohun tí ẹnì kìíní pín kù ló ń pín. Ẹ jẹ́ ká bá a rìn: 32768 wọlé, 16384 jáde. Èyí wọ inú ẹnì kejì, ó di 8192. Lẹ́yìn náà 4096, 2048, 1024, 512, 256, 128, 64, 32, 16, 8, 4, 2. Ẹ kà wọ́n, 14 ni. 16384 ni wọ́n jọ pín in sí. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ 3 fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ń ṣe kírísítà yìí mọ̀ọ́mọ̀ gé e sí 32768 nítorí pé bí o bá pín in sí méjì nígbà 15, ọ̀kan géérégé ló kù. 4060 ní 14 péré, ìwọ ló kù kó wá ẹnì 15.

Ọmọ Oníbúrẹ́dì, ìbéèrè rẹ kejì ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Wo bírò tí a ń tẹ orí rẹ̀. O tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ yọ. O tún tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Kí ẹnu bírò tó lè yọ lẹ́ẹ̀kan kó sì wọlé padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ ni kílọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tó ń wọ ẹsẹ̀ 3 ti 4013, ẹnu bírò ni Q.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú 4013 ni pé, nígbà tí kílọ́ọ̀kì bá ń gòkè láti ilẹ̀, áísì náà á yọjú wo ẹsẹ̀ 5, tí à ń pè ní D. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ló máa gbé sí ẹsẹ̀ 1, tí í ṣe Q. Ẹsẹ̀ 2, Q onílà lórí, kì í gbà pẹ̀lú Q láé: bí Q bá wà lókè, òun á wà nílẹ̀. O ti wá so ẹsẹ̀ 2 mọ́ D. Nítorí náà, ìgbàkígbà tó bá yọjú, òdìkejì ara rẹ̀ ló ń rí, òdìkejì náà ló sì ń dà.

Kí ló dé tí kì í yí bírí-bírí? Nítorí pé ìgbà tí kílọ́ọ̀kì ń gòkè nìkan ló ń yọjú. Nígbà tí ẹsẹ̀ 2 bá máa fi yí padà, fèrèsé ti pa dé. Ó di ìgbà tí kílọ́ọ̀kì bá sọ̀ kalẹ̀ tó tún gòkè kó tó wo ìta mọ́. Ẹ wo bó ṣe ń lọ:

```
CLK  0 1 0 1 0 1 0 1
Q    0 1 1 0 0 1 1 0
```

Kílọ́ọ̀kì gòkè lẹ́ẹ̀mẹrin, Q gòkè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún kíyè sí i pé àkókò tí Q ń lò lókè àti èyí tó ń lò nílẹ̀ dọ́gba. Bí kílọ́ọ̀kì tó wọlé bá tiẹ̀ ń pẹ́ nílẹ̀ ju òkè lọ, tó bá ṣáà ń gòkè ní àlàfo kan náà, ohun tó máa jáde á dọ́gba.

Nísinsìnyí, dá mi lóhùn: ẹsẹ̀ wo gan-an ni iná pupa rẹ wà? Rẹsítọ̀ mélòó lo fi sí i?

Ọmọ Oníbúrẹ́dì

Ẹ ṣé bàbá, ti bírò yẹn là mí lójú. Ẹsẹ̀ 2 ni iná wà, lórí wáyà tó lọ sí ẹsẹ̀ 5. Rẹsítọ̀ 100 óòmù ni.

Bàbá Tíṣà

Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Gbé mítà sí ẹsẹ̀ 2 nígbà tí iná bá ń tàn, kó o sọ ohun tó kọ fún mi.

Ọmọ Oníbúrẹ́dì

2.2 fóòtì.

Bàbá Tíṣà

Ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ní 5 fóòtì, 4013 kò lágbára púpọ̀. Mílíámípù kan báyìí ló lè gbé jáde kí fóòtì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Iná rẹ pẹ̀lú rẹsítọ̀ 100 ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fa ẹsẹ̀ 2 wálẹ̀ láti 5 sí 2.2. Ojú wa rí i pé iná ń tàn, a sì pè é ní òkè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 5 fẹ́ rí 3.5 fóòtì kó tó gbà dájú pé òkè ni. 2.2 tó o fún un, ilẹ̀ ló pè é. Nítorí náà, nígbà tí kílọ́ọ̀kì gòkè, ó wo D, ó rí ilẹ̀, ó fi Q sílẹ̀ ní ilẹ̀, ẹsẹ̀ 2 sì dúró lókè. Ìgbà tó tún gòkè, ohun kan náà. Iná rẹ fúnra rẹ̀ ló ń parọ́ fún áísì náà.

Gbé iná kúrò lórí ẹsẹ̀ 2, má fi ohunkóhun síbẹ̀ àfi wáyà tó lọ sí 5. Ẹsẹ̀ 1 ni kó o ti mú iná, kó o fi tìràǹsítọ̀ kékeré kan sáàárín, pẹ̀lú rẹsítọ̀ 10 kílóòmù ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìdajì kejì áísì náà tí o kò lò, so ẹsẹ̀ 8, 9, 10 àti 11 mọ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Adé ti wúlò.

Adé Onírédíò

Bàbá, mo dúpẹ́. Mo ti rí i pé 28 mi kò tọ̀nà. Àmọ́ èmi ti gbé iná sí ẹsẹ̀ 2 rí, ó sì ṣiṣẹ́.

Bàbá Tíṣà

Bátìrì mélòó, rẹsítọ̀ mélòó?

Adé Onírédíò

9 fóòtì, rẹsítọ̀ 4.7 kílóòmù.

Bàbá Tíṣà

Á ṣiṣẹ́. Ní 9 fóòtì áísì náà lágbára jù bẹ́ẹ̀, rẹsítọ̀ 4.7 kílóòmù kò sì bèèrè ju mílíámípù kan àbọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ tó láti ṣi D lọ́nà.

Onílé Jẹnẹrétọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Èmi ò lo kírísítà. Iná ilé ni mo mú, 50 Hz, mo fẹ́ pín in títí yóò fi di 1. Mo to fílípì-fílọ́ọ̀pù mẹ́fà tẹ̀ léra. Aago mi ń lọ́ra burúkú, nígbà tí wákàtí kan bá kọjá, kì í tó ìṣẹ́jú 50 lójú rẹ̀.

Bàbá Tíṣà

Mẹ́fà tẹ̀ léra ń pín sí 64, kì í ṣe 50. 50 tó o pín sí 64 kò tó 1, ohun tí aago rẹ máa kà nínú wákàtí kan kò tó ìṣẹ́jú 47, díẹ̀ ló kù. Bí a bá to wọ́n lásán, 2, 4, 8, 16, 32, 64 nìkan la lè rí, 50 kò sí láàárín wọn. CD4017 ni kó o wá. Ẹyọ kan ń pín sí 10. Ẹyọ kejì, mú ẹsẹ̀ tó ń jẹ́ Q5 padà sí ẹsẹ̀ tó ń dá a sí òdo, yóò máa ka márùn-ún, á sì bẹ̀rẹ̀ padà. 10 lọ́nà 5, 50 nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ṣé iná ìjọba lò ń lò, àbí jẹnẹrétọ̀?

Onílé Jẹnẹrétọ̀

Jẹnẹrétọ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà.

Bàbá Tíṣà

Á jẹ́ pé kò sí bó o ṣe lè pín in tó máa tọ̀nà. Bí jẹnẹrétọ̀ rẹ bá ń sáré ní 52 dípò 50, wákàtí kan á fi ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 24 kún aago rẹ. Ohun tí a bá fún fílípì-fílọ́ọ̀pù ló ń pín, kò mọ̀ bóyá ó péye.

Ọmọ Oníbúrẹ́dì

Ẹ̀yin ará, ó ṣiṣẹ́! Iná ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí mo yọ iná kúrò lórí ẹsẹ̀ 2, mo tún gbé mítà síbẹ̀: 5 fóòtì nígbà tó wà lókè, 0 nígbà tó wà nílẹ̀.

Mo tún ṣe ohun kan tó dùn mọ́ mi. Mo yọ fèrè pẹlẹbẹ inú aago àtijọ́ kan, mo sì fi kàn án mọ́ ẹsẹ̀ 7 ti 4060. 2048 Hz ni, ó ń han ṣínńṣín. Mo gbé e sí ẹsẹ̀ 5, 1024, ohùn kan náà ni àmọ́ ó sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé dá orin, tí ìyá rẹ̀ sì gbà á. Ẹsẹ̀ 4, 512, ó wá dà bí ti bàbá. Mo gbé e sí ẹsẹ̀ 6, mo rò pé yóò gòkè padà, àfi bó ṣe tún sọ̀ kalẹ̀ sí i. Ìgbà náà ni mo rí i pé nọ́ńbà ẹsẹ̀ kò tẹ̀ lé ìtòlẹ́sẹẹsẹ inú rẹ̀.

Ìṣòro kan ló kù. Láti àná títí di òní, aago náà ti fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sẹ́yìn tẹlifóònù mi.

Adé Onírédíò

Ooru ààrò ni. Kírísítà aago ọwọ́ kì í fẹ́ ooru, bó ṣe ń gbóná ló ń lọ́ra. Gbé e jìnnà sí ààrò.

Bàbá Tíṣà

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kapásítọ̀ méjì tó wà lẹ́bàá kírísítà ni èmi ń wò. Bí wọ́n bá tóbi jù, yóò lọ́ra. Mélòó lo fi síbẹ̀?

Ọmọ Oníbúrẹ́dì

33 píkófáráàdì lọ́tùn-ún lósì. Orí tábìlì inú yàrá ló sì wà láti àná, kò tíì dé ẹ̀bá ààrò rárá. Màá pààrọ̀ wọn sí 22 lálẹ́ yìí, kí n wo iye tó máa fi sẹ́yìn títí ọ̀la.