Kóòdù QR tí a fi ń sanwó ti dé ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa n'Íkòròdú: ẹ sọ ohun tójú yín ti rí

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá tí mo máa ń ra mílíìkì àti ṣúgà lọ́wọ́ wọn lẹ ìwé kan mọ́ ara káńtà. Mo dà á kọ bó ṣe wà:

"Ẹ̀yin oníbàárà wa, kóòdù tuntun ti dé. Ẹ ṣí áàpù bánkì yín kí ẹ tó yà á, ẹ má fi kámẹ́rà lásán yà á. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa ló gbọ́dọ̀ yọ. Bí orúkọ míì bá yọ, ẹ dúró, kí ẹ pè wá. Ẹ tẹ iye tí a jọ ṣírò. Ẹ má tíì gbé ọjà lọ títí fóònù TIWA yóò fi dún. A ò gba àwòrán rìsíìtì."

Ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó, báwo ló ṣe rí?

Ìyá Ìbejì Ìjẹdé: Owó lọ́wọ́ ni tèmi o.

Awakọ̀ Sábó: Ibi tí wọ́n ti ní kí orúkọ yọ yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó rárá. Mo dúró lọ́nà Ọdọ̀gùnyàn láti ra omi àti bísíkíìtì. Bí mo ṣe ya kóòdù wọn, orúkọ ọkùnrin kan ló yọ, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù. Mo fi han ọmọ tó ń tajà. Ó fi èékánná ha etí pépà náà, àṣé pépà míì wà lábẹ́ rẹ̀! Ẹnì kan ti wá lẹ tiẹ̀ lé tiwọn lórí. Owó àárọ̀ ọjọ́ yẹn ti gba ibòmíì lọ, wọ́n ní àwọn rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni kò jẹ́ kí álátì wọlé.

Ìyá Ìbejì Ìjẹdé: Ẹ ò rí i! Ṣebí mo ti sọ.

Ọ̀gá Fóònù: Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Kóòdù orí pépà kì í yí padà. Ohun tó ń tọ́ka sí ẹni tó máa gba owó ló wà nínú rẹ̀, iye owó kò sí níbẹ̀, ìyẹn ni ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Nítorí náà, orúkọ tó bá yọ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí nìkan ni ẹ̀rí tí ẹ ní. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà náà ṣe pàtàkì: ó lè kàn kó lẹ́tà gbọọrọ jọ fún yín, ó sì lè gbé yín lọ sí ìkànnì kan. Bí ìkànnì náà bá ń béèrè nọ́ńbà káàdì yín, ẹ tètè jáde.

Alhaja Ẹbúté: Ọmọ mi ní ọ̀kan náà ni gbogbo kóòdù, pé áàpù tó bá wuni lèèyàn lè fi yà á. Kí ló dé tí tèmi kọ̀?

Ọ̀gá Fóònù: Alhaja, apá kan ọ̀rọ̀ ọmọ yín tọ̀nà. NQR, ìyẹn kóòdù ìsanwó tí NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn bánkì Nàìjíríà pọ̀, gbé jáde ní 2021, wọ́n ṣe é kí áàpù oríṣiríṣi bánkì lè jọ máa kà á ni. Ṣùgbọ́n àwọn áàpù kan ní kóòdù tiwọn tí áàpù ẹlòmíì kì í kà. Bí tiyín bá kọ̀, ẹ gba nọ́ńbà àkáǹtì wọn, kì í ṣe pé olè ni wọ́n.

Sùnmọ́nù: Ṣé ṣọ́ọ̀bù yẹn ń ta gáàsì?

Ìyá Purofíṣọ̀n Ẹ̀pẹ́: Èmi náà ń tajà, ìwé yẹn dà bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Ọmọkùnrin kan kó ọjà 8,500 náírà, ó na fóònù sí mi, àmì aláwọ̀ ewé ti yọ. Mo ní kó dúró. Álátì mi wọlé, 850 ni mo rí! Òdo kan ti já. Ó bẹ̀ mí, ó sì san 7,650 tó kù lójú ẹsẹ̀. Ká ní ojú fóònù tiẹ̀ ni mo wò tán, ta ni n bá bi?

Tọ́pẹ́ Ágírííkì: Ẹ̀yin ọlọ́jà náà ẹ máa gba tiwa rò. Wọ́n gé owó mi, álátì wọn kò wọlé, wọ́n ní kí n fi mílíìkì ọmọ sílẹ̀. Mo dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi, ọjà ò sí lọ́wọ́ mi. Ṣé ìyẹn dáa?

Ìyá Purofíṣọ̀n Ẹ̀pẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí mi. Àmọ́ bí mo bá gbé e fún yín tí bánkì dá owó padà sí àkáǹtì yín lóru, ṣé ẹ máa padà wá?

Tọ́pẹ́ Ágírííkì: Ẹ mọ ilé mi, màámi!

Ọ̀gá Fóònù: Tọ́pẹ́, ẹ fi rìsíìtì yẹn pamọ́. Session ID tó wà lórí rẹ̀ ni bánkì máa fi tọpa owó náà. Ẹ má san án lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó yẹ àkáǹtì yín wò.

Awakọ̀ Sábó: Oníbàárà tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó máa gbé ọjà lọ. Ọmọ kì í mu nẹ́tíwọ̀kì.

Ìyá Purofíṣọ̀n Ẹ̀pẹ́: Ìwé gbèsè mi ti kún, bọ̀dá. Ẹ wá bá mi gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Ìgbógbó: Mo ti padà lọ sọ́dọ̀ ìyá yẹn, mo sọ ọ̀rọ̀ pépà tí wọ́n lẹ lórí ara wọn. Wọ́n ti yọ kóòdù wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi sẹ́yìn gíláàsì káńtà, àárọ̀-àárọ̀ ni wọ́n ní ọmọ àwọn á máa fi áàpù yẹ orúkọ wò. Sùnmọ́nù, wọn ò ta gáàsì.