Ìlú ọ̀gá ni àbí ìlú tí òṣìṣẹ́ jókòó sí?

Ẹni tó béèrè: Ẹ káàsán o. Mò ń túmọ̀ ìwé àdéhùn iṣẹ́ kan. Òṣìṣẹ́ wà ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀ǹpútà ló so wọ́n pọ̀. Kí ni ká pe orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ dè é? Mo kọ "orílẹ̀-èdè olófin".

Olùkọ́ àgbà, Ìjẹ̀bú: Ẹ yọ olófin kúrò. Oyè Odùduwà ni Olófin, ọba ni òǹkàwé máa rò pé ẹ ń sọ. "Ìlú ọ̀gá" ti tó. Ẹni tó ń sanwó ló ni òfin.

Akọ̀wé, Ṣàgámù: Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan lèmi ń bá ṣiṣẹ́. "Agbaṣẹ́ṣe" ni wọ́n pè mí nínú ìwé, àmọ́ wọ́n ń yan wákàtí fún mi. Ìkìlọ̀ ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fún mi kí wọ́n tó lé mi dànù. Ìlú wo ni mo ti máa pè wọ́n lẹ́jọ́?

Aṣírò owó-oṣù, Lọ́ńdọ̀nù: Bàbá, ẹ má bínú, "ìlú ọ̀gá" máa ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹ wo ẹni méjì tó jókòó sí Bódìjà, tí ọ̀gá kan náà gbà síṣẹ́. Èkíní ń gbé ní Pẹ́kámù tẹ́lẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀, ó sì ní òun ń padà bọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì ní Ìlú Ọba, ibẹ̀ náà ni obìnrin yìí fi ṣe ibùgbé. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 52 àkọ́kọ́ ni owó ìnṣọ́ránsì ìjọba á ṣì máa jáde nínú owó-oṣù rẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ó dúró. Tí kò bá fẹ́ kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní àlàfo, àfi kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án. Èkejì kò gbé Ìlú Ọba rí. Òun kò ní san ti ọ̀sẹ̀ kan pàápàá níbẹ̀. Ọ̀gá kan náà nìyẹn o, kò sì sí àdéhùn ìnṣọ́ránsì láàrin Nàìjíríà àti Ìlú Ọba tó lè yí i padà.

Ẹ̀tọ́ iṣẹ́ kì í tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ 52 yẹn. Bí wọ́n bá lé èyíkéyìí nínú wọn láìtọ́, bí iṣẹ́ náà ṣe so mọ́ Ìlú Ọba tó ni adájọ́ ibẹ̀ máa wò kó tó gbọ́ ẹjọ́. Pé wọ́n kọ "òfin Gẹ̀ẹ́sì" sínú ìwé nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́: "ìlú ìnṣọ́ránsì" àti "ìlú ẹ̀tọ́ iṣẹ́".

Àǹtí Ṣàgámù, orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ ni gbogbo ẹjọ́. Ní 2008, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Nàìjíríà wo ẹni tó ń yan wákàtí, ẹni tó ń pèsè irinṣẹ́ àti bí owó ṣe ń wọlé. Ẹ tọ́jú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ń yan wákàtí fún yín.

Olùkọ́ àgbà: Mo gba "ìlú ìnṣọ́ránsì". Èkejì gùn lẹ́nu. "Ìlú ẹ̀tọ́" ńkọ́?

Ẹni tó béèrè: Ẹni tó bá ka "ìlú ẹ̀tọ́" lè rò pé ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú ni. Màá kọ èyí tó gùn ná.